Ìlà Méje Tí Mi Ò Kà

Èmi ni mo kọ rápọ̀ tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Mo ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akíkanjú ni mo fẹ́ sọ. Àbọ̀ ìwádìí olójú ìwé kan péré ni, ní èdè Faransé. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ wa, mo sì jókòó jẹun. Gàrí àti ẹja díndín ni mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Pobè, èmi ni mo sì ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ wọn láti ìgbà tí ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, kan ṣoṣo wà ní bíró. Àwọn àgbẹ̀ láti Towé, láti Ahoyéyé, àti láti ọ̀nà Takon ní Sakété lọ́hùn-ún, á gé ìdì ẹyìn wọn, ọkọ̀ á kó o, a ó sì fún un ní ilé ẹ̀rọ ìfúnpo tó wà lẹ́yìn bíró wa. Ẹyìn tó bá pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó fún un, epo rẹ̀ kì í dára. Nítorí náà, akọ̀wé abúlé kọ̀ọ̀kan máa ń fi fóònù gba àyè fún ọkọ̀ tirẹ̀, awakọ̀ náà á sì máa wo fóònù láti mọ ìgbà tó kàn án. Ẹ̀rọ kan tí a gbé sínú yàrá kékeré kan ló ń dá gbogbo fóònù wọ̀nyí lóhùn. Sẹ́fọ̀ là ń pè é.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́fọ̀ náà, ọmọbìnrin yẹn ló kọ ọ́. Ọmọ Ahoyéyé ni, ó kàwé ní Porto-Novo, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ara ìyá rẹ̀ kò yá, òun nìkan ló sì wà nílé tó lè máa tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kọ iṣẹ́ Cotonou sílẹ̀, tó wá gba tiwa lábẹ́ àdéhùn ọlọ́dún kan. Tí iṣẹ́ wa bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibòmíràn ní Pobè tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ń kọ ètò. Yóò kó ẹrù, yóò sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ kí n tó kọ rápọ̀.

Wàhálà náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lọ́wọ́ ọ̀sán. Fóònù àwọn akọ̀wé kàn ń yí róbótó, kò dáhùn. Akọ̀wé Towé pè mí, ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ya etí mi. "Màdáámù, ẹyìn wa ti ń rọ̀ o! Ṣé kí a máa jẹ ẹ́ ni?" Mo dá ètò náà dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan sì padà sípò. Ní Jímọ̀ kejì, ohun kan náà. Ní Jímọ̀ kẹta, ọkọ̀ tò láti ẹnu géètì wa dé ojú títì, awakọ̀ ń fun fèrè, àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn jókòó lórí agbọ̀n tó ṣófo, wọ́n ń bú èmi àti ẹ̀rọ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní lónìí yìí, n óò mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo jókòó, mo tẹ ss. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó fọkàn balẹ̀: lẹ́tà méjì péré ni àṣẹ náà, èèyàn á fi àmì díẹ̀ sí i lẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì to gbogbo ìsopọ̀ tó wà láàárín òun àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ìlà kan fún ìsopọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìlà ló ń sọ ipò tí ìsopọ̀ náà wà. LISTEN túmọ̀ sí pé ètò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó máa wọlé. ESTAB túmọ̀ sí pé a ti gba àlejò, ọ̀nà ọ̀rọ̀ ti là láàárín ẹni méjì. TIME-WAIT túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ti dágbére.

Mo rí LISTEN kan. Mo ní ó dára, ilẹ̀kùn ṣí. Mo rí ESTAB tó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Mo ní èrò ni, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí TIME-WAIT. Háà! Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta. Ìlà lórí ìlà, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ṣé ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá ń wá olè tó sì rí ẹni tó ń sáré? Mo ní mo ti mú un. Mo kó gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ pamọ́ sínú fáìlì kan, mo tún ètò bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú rápọ̀ pé ètò tí ọmọbìnrin yìí kọ kì í ti ìsopọ̀ rẹ̀ pa, pé òkú ìsopọ̀ ló kún ẹ̀rọ, pé iṣẹ́ ẹni tí kò tíì gbó nínú iṣẹ́ ni.

Kí n tó jẹun tán, alága ti kà á. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wa, ó fẹ́ràn ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó pe àwa méjèèjì sí bíró rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ka rápọ̀ náà lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yíjú sí mi. "Tantí, TIME-WAIT yẹn kì í ṣe…"

"Gbẹ́nu dákẹ́ ná," ni mo wí. "Nígbà tí mo ń so wáyà ní bíró yìí, ìwọ ṣì ń wọ aṣọ kákì lọ sílé ẹ̀kọ́."

Ó gbé rápọ̀ náà padà sórí tábìlì alága. Alága ní ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní tí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn títí dìgbà náà, àdéhùn ọmọbìnrin náà ti parí, a ó sì padà sí ìwé àti bíírò. Ọmọbìnrin náà ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣé, sà." Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó jáde. Ó kúnlẹ̀ o!

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, bí olóúnjẹ ṣe ń ṣí ìkòkò wò. Ètò tí mo tún bẹ̀rẹ̀ ti ń sáré, ọkọ̀ ń wọlé ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, fóònù ń dáhùn kíákíá. Mo tẹ ss. TIME-WAIT ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Ohun tí mo pè ní àrùn kí n tó jẹun, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, ara ẹ̀rọ sì le koko. Mo jókòó tì í títí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn fi kúrò ní géètì. Oòrùn ṣì wà lókè. Bí àwọn fóònù ṣe ń dákẹ́, TIME-WAIT ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo wọn dákẹ́, mo wo aago ọwọ́ mi: kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò ku ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohun tí mo ti mọ̀ rí, tí mo ti fi ìbínú gbàgbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dágbére ni ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń tọ́jú orúkọ ìsopọ̀ náà fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kan tó pẹ́ lọ́nà á ṣì dé. Ìṣẹ́jú kan ni tiwa. Kò sí ètò kankan tó dì í mú, kò gba àyè ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ̀ta ìlà tí mo fi bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀rí ni wọ́n pé ètò rẹ̀ ń dáhùn, ó sì ń ti ìsopọ̀ pa bó ṣe yẹ. Wọ́n sì mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀ nítorí pé ètò náà ti ń wọ́ nǹkan nílẹ̀ nígbà yẹn. Tó bá ń ṣe dáadáa ni, wọn ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Mo lè gbé fóònù kí n sọ fún alága nígbà náà. Mi ò gbé e. Ìgbéraga ni, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un. Mo sọ fún ara mi pé n kò lè lọ sọ pé mo ṣì láìní ìdáhùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fàáké kọ́rí lórí ohun kan: kí aago mẹ́rin Jímọ̀ tó lù, n óò ti mọ ohun tó ń pa ètò yẹn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi da ilé ẹlòmíràn rú, ọwọ́ mi náà ni yóò tún un ṣe.

Mo ṣí fáìlì tí mo kó pamọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á láti orí ìlà àkọ́kọ́ bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé ìdánwò. LISTEN náà rèé. Ní iwájú rẹ̀, nọ́ńbà méjì wà tí mi ò tiẹ̀ wò: Recv-Q, 129; Send-Q, 128. Lórí ìlà LISTEN, èyí èkejì ni iye àlejò tí àyè gbà láti jókòó dè lẹ́nu ọ̀nà kí ètò tó wá mú wọn wọlé. Èkíní ni iye tó ti jókòó. Ẹ ò rí i? Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ti kún, ẹnì kan ti jókòó lórí itan ẹlòmíràn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní rí ẹni dá a lóhùn. Fóònù rẹ̀ á máa yí róbótó.

Mo bọ́ sórí àwọn ESTAB. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sí orúkọ ètò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Recv-Q wọn sì ní nǹkan nínú. Èyí ni pé àwọn àlejò ti sọ ohun tí wọ́n bá wá, ọ̀rọ̀ wọn ti dé inú ẹ̀rọ, ètò kò tíì gbà wọ́n, kò sì tíì ka lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà ni. Mo wá ń wá ìlà tó ní orúkọ ètò. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni ètò náà ní, ìyẹn ni pé ìbéèrè mẹ́jọ ló lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń bá fóònù kan sọ̀rọ̀. Méje yòókù, gbogbo wọn pátá, wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo: ẹ̀rọ ìwọ̀n wa ní Sakété.

Ìlà méje. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sán yẹn. Mo ti kà wọ́n mọ́ èrò.

Ìwọ̀n Sakété ni ọkọ̀ ọ̀nà Takon máa ń gbà kọjá kó tó wá sí Pobè. Tí ọkọ̀ bá ti wà lórí ìlà níbẹ̀, ètò wa á bi ẹ̀rọ ìwọ̀n léèrè pé, "Ọkọ̀ yìí ńkọ́, báwo ló ṣe wúwo tó?" Ẹ̀rọ ìwọ̀n á di ìbéèrè náà mú títí wọ́n á fi wọn ọkọ̀ náà, á wá dáhùn. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Nígbà náà, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ méje fi dúró sójú kan, tí wọn ò gba ìdáhùn? Recv-Q wọn, òdo. Send-Q wọn, òdo. Ìbéèrè ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a bi, ó ti jẹ́rìí pé ó gbọ́. Kò kàn sọ nǹkan kan mọ́.

Ní Mọ́ńdè, mo dé bíró kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Tantí," ó jókòó sí tábìlì rẹ̀, ó ń kọ ìwé tó máa fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ lórí bébà. Láàárọ̀, kò sí ìlà Sakété kankan tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀kan ti há síbẹ̀. Ní Túsìdè, wọ́n di méjì. Ní Ọjọ́rú, wọ́n di mẹ́rin. Jímọ̀ kọ́ ló ń fa wàhálà, ẹ̀yin èèyàn mi. Díẹ̀díẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń há láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, Jímọ̀ kàn jẹ́ ọjọ́ tó máa ń ku òṣìṣẹ́ ẹyọ kan láti ru ẹrù gbogbo wọn. Èmi á wá tún ètò bẹ̀rẹ̀, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á gba òmìnira, èmi á sì máa gbéra ga pé mo tún un ṣe.

Mo fi àmì kan kún àṣẹ mi kí ss lè sọ iye ìgbà tó ti kọjá láti ìgbà tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà náà gùn, torí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹgbẹ̀rún ló fi ń kà á. Mo mú bíírò, mo pín in, mo yọ ọ́ kúrò nínú aago tí mo wà. Ìlà ti Mọ́ńdè: ó ku díẹ̀ kí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán lù. Ti Túsìdè: bákan náà. Méjì ti Ọjọ́rú: bákan náà. Mo tún un ṣírò. Bákan náà ni. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní Sakété lójoojúmọ́ ní aago kan náà, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń dá ṣe.

Ní Tọ́sìdè, mo gun ọ̀kadà lọ sí Sakété. Eruku pupa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò bìkítà. Bàbá tó ń ṣọ́ ìwọ̀n jókòó lábẹ́ páànù, ó ń wọn ọkọ̀. Àgbà mùsùlùmí ni, ọmọ àdúgbò ọkọ mi, ìyẹn ló ṣe máa ń pè mí ní ìyàwó wa.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o! Eruku yìí kò mọ olówó, kò mọ òtòṣì. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo kàn wá jókòó tì yín díẹ̀ ni."

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Iṣẹ́ wa ò ní nǹkan ìwòran, ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo jókòó. Ọkọ̀ mẹ́ta wà lórí ìlà. Ó ku díẹ̀ kí aago kan ààbọ̀ lù, a gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́sálásí ẹ̀yìn ọjà. Bàbá bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó bu omi sínú kẹ́tù, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé bẹ́rẹ́ dé orí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó yọ wáyà ẹ̀rọ ìwọ̀n kúrò lára ògiri, fìn-ín! Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ó ká wáyà náà dáadáa bí ẹni ká okùn, ó gbé e sórí tábìlì.

"Bàbá!" Mo dìde. "Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Wáyà ọ̀dínátọ̀ tí ẹ yọ! Ọkọ̀ wà lórí ìlà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́!"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí orí ń fọ́. Kò bínú rárá. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi. Nígbà tí àrá sun ti àkọ́kọ́, tí ẹ gbé tuntun wá, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí gan-an. Ẹ ní, Bàbá, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sínú kúráǹ iná láìsí ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ní tí n bá ti ń dìde, kí n yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì gbàgbé lẹ́ẹ̀kan." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tẹ́lẹ̀, orí ẹní yìí ni mo ti ń kírun, mi ò sì ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ mọ́sálásí tán, tí mo sì ń lọ bá jámáà, àfi kí n yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀."

Ó lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí bí mo ṣe na ìka sí wáyà náà, tí mo ń pariwo, torí inú ń bí mi pé àrá sun ẹ̀rọ mi. Mi ò sọ fún un pé kó kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ, kó tó yọ wáyà. Mi ò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ láti Pobè. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wá hàn kedere. Òṣìṣẹ́ wa kan ti béèrè, ẹ̀rọ Sakété ti gbọ́, ó ń dúró kí wọ́n wọn ọkọ̀. Bàbá yọ wáyà. Ẹ̀rọ náà kú láìdágbére. Lẹ́yìn àdúrà, Bàbá á padà tan án, á jí, kò ní rántí ìbéèrè kankan. Òṣìṣẹ́ ti Pobè ò mọ̀. Ó ti sọ tirẹ̀ tán, kò ní ohun tó máa tún sọ, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé ẹni tó ń retí ti kú. Tó bá tún sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀rọ tó jí á dá a lóhùn pé òun ò mọ̀ ọ́n rí, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́. ESTAB ni yóò máa wà, títí èmi á fi wá tún ètò bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ tó bá rí i pé fóònù òun ti dákẹ́ á kàn béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, òṣìṣẹ́ mìíràn á gbà á, kò ní mọ̀ pé èkíní ti há sọ́nà.

Nígbà tí Bàbá dé láti mọ́sálásí, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ náà, bọ́tìnnì wo, kó dúró kí iná náà kú kó tó fọwọ́ kan wáyà. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Nítorí kí ni? Ohun tí ẹ sọ fún mi ni mo ṣe."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń bẹ̀ yín fún."

Ní Jímọ̀, aago mẹ́rin, ìgbìmọ̀ jókòó: alága, akọ̀wé Towé tí ohùn rẹ̀ máa ń ya etí, ìyá kan láti Takon tó ń ṣojú àwọn obìnrin, èmi, àti ọmọbìnrin náà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Mo ti ṣe rápọ̀ tuntun, ní Faransé bíi ti àkọ́kọ́, ojú ìwé méjì. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fi han alága. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màdáámù, kò yẹ kí ẹ kọ ọ́ báyìí. Ẹ kàn kọ pé kúráǹ ń lọ ní Sakété. Kúráǹ ń lọ níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ á tán, kò sẹ́ni tí ojú máa tì."

Mo fẹ́ gbà. Ẹ má purọ́ fún mi pé ẹ̀yin ì bá má fẹ́ gbà. Mo wo ọmọbìnrin náà láti ojú fèrèsé, bó ṣe di àpò rẹ̀ mú. Mo ní, "Ó tì o, alága. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ èkíní, òun náà ló máa wà lábẹ́ èkejì."

Mo dìde níwájú wọn, mo kà á sókè ní Faransé, mo tún tú u sí Yorùbá fún ìyá Takon. Mo ní TIME-WAIT tí mo pè ní àbùkù, ẹ̀rí iṣẹ́ ni. Mo ní nọ́ńbà méjì wà lórí ìlà LISTEN tí mi ò kà. Mo ní ìlà ESTAB méje ló há sí Sakété, tí mo kà mọ́ èrò. Mo ní wáyà tí wọ́n ń yọ, èmi ni mo ní kí wọ́n máa yọ ọ́. Mo kà á dé ìparí.

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Apá tèmi wà níbẹ̀ náà. Mi ò fi òpin sí iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan lè dúró de ìdáhùn. Ó yẹ kó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó jáwọ́, kó tún béèrè. Mo lè fi sí i kí n tó lọ."

"Kó o tó lọ síbo?" ni ìyá Takon wí. "Jókòó sí ààyè rẹ, ọmọ mi. Ẹyìn wa ṣì pọ̀ lórí igi."

Alága wò mí, ó wo ọmọbìnrin náà, ó fa ìwé àdéhùn yọ, ó ní kò sí ohun tó parí. Akọ̀wé Towé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i pé òun nìkan ni, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n túká, àwa méjèèjì padà sí yàrá kékeré. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó kọ ìlà mélòó kan sínú ètò rẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ss. LISTEN, Recv-Q òdo. TIME-WAIT kún ojú ẹ̀rọ bí ó ṣe yẹ. Kò yíjú sí mi.

"Tantí."

"Mo ń gbọ́."

"Ní ọjọ́ yẹn, àárín àga mi sí tiyín kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí kí ẹ tó kọ ọ́?"

Mo lè sọ pé ọkọ̀ pọ̀, pé awakọ̀ ń fun fèrè, pé inú ń bí mi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sí mi nígbà yẹn, ó ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Mo rí i pé yóò máa dúró bẹ́ẹ̀ ni tí mi ò bá sọ̀rọ̀.

"Nítorí pé èmi ni mo fẹ́ kọ ètò yẹn," ni mo wí. "Mo bẹ ìgbìmọ̀ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́. Ìwọ ni wọ́n gbé e fún. Mo ti ń retí ọjọ́ tó máa bàjẹ́."